Ìtumọ̀ Èsì Àyẹ̀wò Ilẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Àbá nínú Ìjábọ̀ Ọ̀nà

Nínú ìdánwò agbára ilẹ̀ ti Kalifóníà, ọjọ́ 4 ni a fi ń rẹ ilẹ̀ tí a ti kì sínú omi kí a tó wọn agbára rẹ̀. Bí èsì kòtò márùn-ún lójú ọ̀nà kan bá jẹ́ 14, 12, 3, 13 àti 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpíndọ́gba wọn, 11, fi àléébù kòtò kẹta pamọ́. Ibẹ̀ sì ni ọ̀nà yóò ti kọ́kọ́ rì.

“Kí a tún ilẹ̀ ṣe níbi tó bá yẹ” kì í ṣe àbá, nítorí agbaṣẹ́ṣe ni yóò wá máa pinnu ibi tó yẹ. Kí a kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò sí i láti mọ ààlà amọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ìjábọ̀ lè wí pé: “Láàárín ààlà wọ̀nyí, kí a kó amọ̀ kúrò dé mílímítà 600, kí a fi yangí tí agbára rẹ̀ lẹ́yìn rírẹ kò dín ní 15 rọ́pò rẹ̀, kí a sì máa kì í ní ìpele mílímítà 150.”