Títú Àkámọ́ Alágbára Ńlá: Ibi Tí Àmì Ìyọkúrò Ti Máa Ń Dàrú

Bí àkámọ́ kan bá ní nǹkan méjì nínú, bíi (a + b), tí a sì kọ 2 sí òkè rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì rí a² + 2ab + b². Nọ́ńbà kékeré tó wà lókè yẹn ni à ń pè ní agbára. Bí agbára bá di 5 tàbí 8, ìsọdipúpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á gùn jàǹrànjanran, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń rí àyè wọlé.

Àwọn nọ́ńbà tó ń jókòó níwájú lẹ́tà nínú èsì kò ṣàdédé wá. (a + b)³ jẹ́ àkámọ́ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì gbọ́dọ̀ mú a tàbí b nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a tó rí a²b, inú àkámọ́ kan ṣoṣo ni a ó ti mú b. Ó lè jẹ́ èkínní, ó lè jẹ́ èkejì, ó lè jẹ́ ẹ̀kẹta. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, òun ló fà á tí 3 fi wà níwájú a²b. Onígun mẹ́ta Pascal ti ka irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wa:

```
          1
         1 1
        1 2 1
       1 3 3 1
      1 4 6 4 1
    1 5 10 10 5 1
```

1 ló wà ní etí méjèèjì, nọ́ńbà inú kọ̀ọ̀kan sì ni àròpọ̀ àwọn méjì tó wà lókè rẹ̀. Kí ènìyàn má baà mú ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó wo nọ́ńbà kejì nínú ìlà náà: òun ni agbára. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 5 ló wà fún agbára 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀kẹfà láti òkè.

Orúkọ Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló mọ́ ọn lára nítorí ìwé tó kọ nípa rẹ̀ ní 1654. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí wọ́n tó bí i tí Yang Hui ti yà á sínú ìwé ní Ṣáínà, ní 1261, ó sì jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ Jia Xian ni òun ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí á tú (2x − 3)⁵. Ohun méjì tó wà nínú àkámọ́ ni 2x àti −3. Àmì ìyọkúrò jẹ́ ti 3, kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Agbára 2x á máa sọ̀ kalẹ̀ láti 5 dé 0, ti −3 á máa gòkè láti 0 dé 5. Ó dára kí a kọ ọ́ jáde pẹ̀lú àkámọ́ kí a tó ṣírò ohunkóhun:

```
1(2x)⁵          =    32x⁵
5(2x)⁴(−3)      =  −240x⁴
10(2x)³(−3)²    =   720x³
10(2x)²(−3)³    = −1080x²
5(2x)(−3)⁴      =   810x
1(−3)⁵          =  −243
```

Bí agbára tó wà lórí −3 bá jẹ́ 2 tàbí 4, àmì ìyọkúrò méjì-méjì á pa ara wọn rẹ́, èsì á sì ní àmì ìròpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 1, 3 tàbí 5, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ìdí rèé tí àmì fi ń pààrọ̀ ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, tó tún wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ àmì lẹ́yìn tó ti ṣírò pẹ̀lú −3, ti lo àmì kan náà lẹ́ẹ̀mejì: gbogbo rẹ̀ á di ìròpọ̀. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni kíkọ 2x⁵ dípò 32x⁵. Gbogbo 2x ni agbára náà wà lórí rẹ̀, kì í ṣe x nìkan.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan yá jùlọ: kí a fi 1 rọ́pò x. Àkámọ́ á di (−1)⁵, ìyẹn −1. Èsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ −1: 32 − 240 + 720 − 1080 + 810 − 243 = −1. Bí gbogbo àmì bá ti di ìròpọ̀, 3125 la ó rí. Àmọ́ àyẹ̀wò yìí kò lè rí i bí a bá kọ x³ síbi tó yẹ kí x² wà, nítorí pé 1 ni méjèèjì ń dà.

Bí agbára bá tó 12, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo la nílò, yíya onígun mẹ́ta títí dé ìlà yẹn kò pọn dandan. Ká ní x⁹ là ń wá nínú (x − 2)¹². Bí x bá gba 9, 3 ló kù fún −2. Iye ọ̀nà tí a lè gbà yan àkámọ́ mẹ́ta nínú méjìlá ni 12 × 11 × 10, tí a fi 3 × 2 × 1 pín. Ìyẹn ni 1320 tí a fi 6 pín, tó jẹ́ 220. (−2)³ jẹ́ −8, nítorí náà ẹyọ tí à ń wá ni −1760x⁹.