Ìdí Tí Géèmù Tuntun Fi Ń Kú Lórí Pírósẹ́sọ̀ Àtijọ́ Tó Ṣì Lágbára

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020, iléeṣẹ́ CD Projekt Red ní orílẹ̀-èdè Poland gbé géèmù Cyberpunk 2077 jáde. Àwọn kan wà lára àwọn tó rà á tí géèmù náà ṣí fún láìsí wàhálà. Wọ́n yan ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà, wọ́n sì bá eré náà lọ títí dé ìparí apá ìṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni géèmù ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí fi jọra ni pé pírósẹ́sọ̀ wọn kò ní ọ̀wọ́ àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní AVX.

Pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àṣẹ kéékèèké ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ro èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn, gbé nọ́ńbà yìí síbí, wò ó bóyá èyí ju ìyẹn lọ. Àti iléeṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ àwọn àṣẹ tó mọ̀ mọ́ ọn lára, kò sì sí bí a ṣe lè fi òmíràn kún un lẹ́yìn náà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Intel àti AMD máa ń fi ọ̀wọ́ àṣẹ tuntun sínú àwọn pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe. AVX dé sọ́jà lọ́dún 2011. Ọ̀wọ́ SSE tó ṣáájú rẹ̀ ń ro nọ́ńbà mẹ́rin mọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. AVX ń ro mẹ́jọ mọ́ mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ géèmù fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí ìgbà tí géèmù kì í ṣírò ibi tí èèyàn, mọ́tò àti ìmọ́lẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan péré lára àwọn àṣẹ AVX. Bí àwọn tó mọ èdè ẹ̀rọ ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
vaddps ymm0, ymm1, ymm2
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí pírósẹ́sọ̀ ro nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà ní `ymm1` pọ̀ mọ́ mẹ́jọ tó wà ní `ymm2`, kó sì kó èsì rẹ̀ sí `ymm0`. Nínú fáìlì géèmù, báìtì mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀: `C5 F4 58 C2`. Pírósẹ́sọ̀ tó ní AVX yóò rí `C5`, yóò mọ̀ pé àṣẹ AVX ló ń bọ̀, yóò sì ṣiṣẹ́ náà. Lójú pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlànà bíìtì 64, `C5` kò já mọ́ àṣẹ kankan. Kì í méfò, kì í sì í fò ó kọjá. Ó máa dúró síbẹ̀, yóò sì ké sí Windows pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Windows náà yóò pa géèmù ọ̀hún dé.

Èyí kò kan bí pírósẹ́sọ̀ ṣe yára tó. Ọmọ tó já fáfá nínú ìṣirò, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní àmì kan rí, kò ní mọ ohun tó máa ṣe bó bá bá àmì náà pàdé nínú ìdánwò. Core i7-980X tí Intel ṣe lọ́dún 2010 ní kọ́ọ̀ mẹ́fà, ó sì wà lára àwọn tó lágbára jù nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ kò ní AVX. Core i3-2100 tó dé lọ́dún kejì ní kọ́ọ̀ méjì péré, ó sì ní in. Ọjọ́ orí nìkan kò sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Pentium G4560 jáde lọ́dún 2017, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí AVX ti dé, síbẹ̀ Intel kò fi AVX sí i.

Ọwọ́ àwọn tó kọ géèmù ni ọ̀rọ̀ yìí wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ kóòdù wọn di èdè ẹ̀rọ, wọ́n lè kọ `/arch:AVX` síbẹ̀, irinṣẹ́ wọn yóò sì fọ́n àṣẹ AVX ká inú géèmù. Wọ́n sì lè ní kí géèmù kọ́kọ́ fi àṣẹ `cpuid` bi pírósẹ́sọ̀ léèrè ohun tó mọ̀, kí wọ́n pèsè ọ̀nà méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tó ní AVX, èkejì fún ẹni tí kò ní in. Ọ̀nà kejì yìí gba iṣẹ́, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ dán méjèèjì wò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, apá kan ṣoṣo nínú géèmù ló ní AVX nínú. Bí eré kò bá tíì dé apá yẹn, gbogbo nǹkan á máa lọ déédéé. Ìdí nìyí tí kíkú géèmù fi lè má ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Kí oṣù Kejìlá yẹn tó parí, CD Projekt Red ti yọ AVX kúrò nínú àtúnṣe 1.05, àwọn tó há sí ìparí apá ìṣáájú sì ráyè kọjá. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́dún 2016, nígbà tí No Man's Sky ń béèrè SSE4.1, tí àwọn tó ń lo Phenom II ti AMD kò sì lè ṣí i. Iléeṣẹ́ Hello Games ṣe àtúnṣe fún wọn.

Bí géèmù bá kú lójijì lórí Windows, ẹ ṣí Event Viewer, kí ẹ wọ Windows Logs, lẹ́yìn náà Application. Ẹ wá Application Error tí aago rẹ̀ bá ìgbà tí géèmù kú mu, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ Exception code sí. Bó bá jẹ́ `0xc000001d`, pírósẹ́sọ̀ bá àṣẹ tí kò mọ̀ pàdé. Bó bá jẹ́ `0xc0000005`, ọ̀ràn mẹ́mọ́rì ni, ibòmíràn ni kí ẹ yà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi CPU-Z wo ìlà Instructions bóyá AVX wà níbẹ̀. Lórí Linux, èyí tó:

```
grep -o -w -m1 avx /proc/cpuinfo
```

Bí kò bá gbé nǹkan kan jáde, AVX kò sí. Bí AVX bá wà tí `0xc000001d` ṣì ń yọjú, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fipá mú pírósẹ́sọ̀ sáré ju bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é lọ, nítorí ìyẹn lè ba àṣẹ tó dára jẹ́. Windows 7 tí kò ní Service Pack 1 pàápàá kì í jẹ́ kí AVX ṣiṣẹ́.

Dírááfà tuntun, ráàmù púpọ̀ tàbí káàdì àwòrán olówó ńlá kò lè wo àìsí AVX sàn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá géèmù náà ti ní àtúnṣe. Bí kò bá ní, pírósẹ́sọ̀ ló kù tí a máa pààrọ̀, mádábọ́ọ̀dù ló sì máa sọ iye tó máa náni. Ẹni tó ní G4560 lè fi Core i5-7500 rọ́pò rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù kan náà. Ẹni tó ní i7-980X kò ríbi yà sí, torí kò sí pírósẹ́sọ̀ kankan tó ń wọ ojú ihò LGA 1366 tó ní AVX, nítorí náà bọ́ọ̀dù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Ikẹja, kó ní kí wọ́n ṣí CPU-Z fún òun kó tó sanwó, kó sì wá AVX2 pẹ̀lú, nítorí àwọn géèmù kan ti ń béèrè rẹ̀ báyìí.

Ohun tí Cyberpunk 2077 béèrè nígbà tó jáde lọ́dún 2020, ó kéré tán, ni Core i5-3570K tàbí FX-8310. Méjèèjì ló ní AVX, àmọ́ orúkọ pírósẹ́sọ̀ nìkan ni oníbàárà rí kà. Ẹni tó ní kọ́ọ̀ mẹ́fà yóò wo i5 oníkọ́ọ̀ mẹ́rin yẹn, yóò sì gbà pé tòun tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí gbogbo iléeṣẹ́ géèmù kọ orúkọ ọ̀wọ́ àṣẹ tí géèmù wọn nílò síbi tí wọ́n kọ iye ráàmù sí, kí oníbàárà lè mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.