“A Ti Ṣí Ṣọ́ọ̀bù sí Sángo”: Ìkéde Kan Tó Ṣì Mí Lọ́nà

Mo gbé aṣọ ìsìnkú kan fún télọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, tó sì jẹ́ pé ọ̀la ni ìsìnkú, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: “A TI SI SOOBU SI SANGO, LEYIN ILE EPO.” Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré, ṣùgbọ́n wákàtí méjì ni mo fi wá ṣọ́ọ̀bù náà kiri. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, torí kì í ṣe pé télọ̀ náà purọ́.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó mú mi ni “ṣí”. Ẹni tó kúrò ní ibùgbé kan lọ sí òmíràn, a ní ó ṣí lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọjà tuntun, a ní ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohùn kan náà ni méjèèjì, nítorí náà àmì ohùn pàápàá kò lè gbà wá níbí. Ohun tí mo kà ni pé wọ́n ti la ẹ̀ka tuntun sí Sángo, pé ti Mọ́kọ́lá ṣì wà. Ni mo bá jókòó dè wọ́n. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wò mí títí, ó ní, “Bàbá, ta lẹ̀ ń dúró dè? Wọ́n ti kó o!”

Ìyá yẹn ló mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lára ìlẹ̀kùn. “Kó” ni à ń lò fún ẹrù púpọ̀ tí a gbé lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Bí ẹ bá kọ “A TI KO” láìsí ibi tí ẹ kó lọ, àwọn èèyàn á ní ẹ ti kógbá sílé. Igbá ni àwọn ìyá wa fi ń pàtẹ ọjà. Ẹni tó bá kó o sílé pátápátá, ọjà rẹ̀ ti parí nìyẹn. “A ti kó kúrò níbí lọ sí Sángo” ló dáa jù. “Kúrò níbí” ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ó sọ pé kò sẹ́ni tó kù síbí, “lọ sí” sì sọ pé ọjà ṣì ń lọ. (Ẹni tó bá kógbá sílé lóòótọ́, kó kọ ọ́ gbangba pé òun kò ránṣọ mọ́, kó sì sọ ilé tí a ti máa gba aṣọ wa.)

Ibi tó ṣòro jù ni “lẹ́yìn”. Mo dé Sángo, mo rí ilé epo, mo wọ àdúgbò tó wà ní ẹ̀yìn ògiri rẹ̀. Mo bèèrè títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Etí títì gan-an ni ṣọ́ọ̀bù wà, níwájú díẹ̀ sí ilé epo náà! Lójú télọ̀, “lẹ́yìn ilé epo” ni bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, bí ìgbà tí a ń sọ pé “lẹ́yìn oúnjẹ”. Lójú tèmi, ẹ̀yìnkùlé ni. Èdè wa gba méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ iwájú lójú ọ̀nà lẹ ní lọ́kàn, ẹ kọ “bí ẹ bá kọjá”. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé, ẹ kọ “ní ẹ̀yìnkùlé”. Bákan náà ni “lọ́wọ́ ọ̀tún”: ọ̀tún ẹni tó ń ti Mọ́kọ́lá bọ̀, òsì ni fún ẹni tó ń ti Yunifásítì bọ̀. Ẹnu ìlẹ̀kùn àtijọ́ ni ẹni tó ń ka ìkéde dúró sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú un lọ.

Nígbà tí mo rí aṣọ mi gbà, a jọ tún ìkéde náà kọ:

“A ti kó kúrò níbí lọ sí Sángo. Ẹ wọ ọkọ̀ Sángo ní Mọ́kọ́lá. Bí ẹ bá kọjá ilé epo, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lójú títì, lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Aṣọ tí ẹ kó fún wa ṣáájú wà níbẹ̀.”

A fi nọ́ńbà fóònù sí i, a sì kọ ọjọ́ tí wọ́n kó. Mo kọ̀ kí wọ́n kọ “ọ̀sẹ̀ tó kọjá”, torí pé lóṣù mẹ́ta sí i, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní nítumọ̀ mọ́.

Ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì tí òjò kan lè fọ̀ dànù. Àmọ́ ọ̀dà náà kò ní pẹ́ tí ayálégbé tuntun bá dé tó kun ìlẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé Iléyá sí Iléyá ni wọ́n ń ránṣọ. Nítorí náà, a kọ ẹ̀dà kan sínú páálí, a gbé e fún ìyá aláta. Ó gbà á, ó ní òun á máa júwe ibẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kí télọ̀ mọ̀ pé bùbá kan ló jẹ òun.