Bí gbájú-ẹ̀ bá ti gba nọ́ńbà àṣírí báńkì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù

Ìpè tó ń kó àwọn àgbàlagbà sí wàhálà kì í sábà dún bí ìpè olè. Ẹni tó pè á kí wọn dáadáa, á pe orúkọ wọn bó ṣe wà ní báńkì gẹ́lẹ́, á sì ní òun fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ̀rù ló máa ń fi ṣáájú: wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì pa, BVN kò tíì wọlé dáadáa, owó ìfẹ̀yìntì oṣù yìí lè má wọlé. Lẹ́yìn ẹ̀rù ni ìkánjú máa ń tẹ̀ lé e: kí wọ́n má gbé fóònù sílẹ̀, kí wọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí ẹ̀rù àti ìkánjú bá ti pàdé lórí fóònù, ó yẹ kéèyàn fura.

Ká mú bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì sí Ìsẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹnìkan pè wọ́n. “Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá. Báńkì yín la ti ń pè. Káàdì yín ti fẹ́ dákẹ́, àbí ẹ ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ tá a fi ránṣẹ́?” Ó pe orúkọ bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ka nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ tó wà lára káàdì ATM wọn. Bàbá yọ káàdì wò, wọ́n rí i pé ó bá a mu. Ọkàn wọn wá balẹ̀.

Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà àkáǹtì ènìyàn, tó sì ṣe bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, orúkọ onítọ̀hún á hàn sí i lójú fóònù kí owó tó kúrò rárá. Ní ti nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ lára káàdì, nọ́ńbà báńkì ni, kì í ṣe ti ẹni tó ni káàdì. Ọ̀kan náà ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ káàdì irú kan náà tí báńkì kan ṣe. Pé ẹni tó pè mọ nǹkan wọ̀nyí kò fi hàn pé báńkì ló ti wá.

Lẹ́yìn èyí ló ní kí bàbá ka ìyókù nọ́ńbà iwájú káàdì, ọjọ́ tí káàdì máa parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kà á. Kò pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. “Ẹ bá wa ka nọ́ńbà yẹn, bàbá, òun la fi máa tún káàdì yín ṣe.” Bàbá tún kà á.

Nọ́ńbà yìí ni àwọn báńkì ń pè ní OTP. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣe ni báńkì ń fi í bi ẹni tó ni àkáǹtì pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é?” Ẹni tó bá kà á fún ẹlòmíì ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ ọjà ni gbájú-ẹ̀ fẹ́ fi káàdì náà rà lórí ayélujára. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ ṣí báńkì bàbá sórí fóònù tirẹ̀. Èyí kejì ló burú jù, nítorí pé lójú báńkì, fóònù gbájú-ẹ̀ ti di fóònù bàbá nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn ka gbogbo ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń sọ ohun tí nọ́ńbà náà wà fún, tó sì máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Báńkì lè pe oníbàárà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í béèrè OTP tàbí nọ́ńbà àṣírí káàdì. Bí ọkàn ò bá balẹ̀, kéèyàn pa fóònù, kó fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Bí ẹnu bá ti ṣi OTP sọ, ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn pa ìpè náà, kó má sì gbé e mọ́, nítorí gbájú-ẹ̀ á tún pè pé òun fẹ́ bá a dá owó padà. Lẹ́yìn náà, kó pe báńkì lójú ẹsẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, tàbí tí owó ìpè ti tán, kó yá fóònù aládùúgbò tàbí ti oní-POS.

Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé, “Ẹ bá mi ti káàdì mi pa,” tí wọ́n á sì lọ sùn. Títi káàdì pa kò lé gbájú-ẹ̀ tó ti ṣí báńkì náà sórí fóònù rẹ̀ kúrò. Ohun tó yẹ kéèyàn sọ ni pé òun ti fún olè ní OTP, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí owó kankan jáde nínú àkáǹtì òun, kí wọ́n ti káàdì pa, kí wọ́n sì yọ fóònù èyíkéyìí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ọn kúrò. Kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó pè.

Bí owó bá ti jáde, kó sọ iye rẹ̀, aago tó jáde, àti àkáǹtì tó lọ, bí àlẹ́ẹ̀tì bá gbé e. Kó ní kí báńkì òun kàn sí báńkì tí owó náà wọ̀, kí wọ́n dá ohun tó bá kù dúró. Ìdí tí ìṣẹ́jú fi níye lórí nìyí: gbájú-ẹ̀ kì í fi owó sójú kan, bó bá sì ti gbà á lówó lé ọwọ́, ó ṣòro kó tó padà. Báńkì sì lè sọ pé oníbàárà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi nọ́ńbà lélẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kó lọ sí báńkì, kó kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kó sì má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Ó yẹ kó fi tó ọlọ́pàá létí pẹ̀lú. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, kó ní kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá òun kọ̀wé sí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ní cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn náà.

Àlẹ́ẹ̀tì tí kò lówó nínú

Lásìkò yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ lè wọlé pé owó ti padà. Kò yẹ kéèyàn tìtorí ìyẹn túra sílẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni lè kọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí orúkọ báńkì wà lókè rẹ̀. Ẹ̀tàn yìí kan náà ni wọ́n ń lò lọ́jà. Oníbàárà á kó àpò gàrí mẹ́ta, á ní òun ti sanwó, àlẹ́ẹ̀tì á sì dún lóòótọ́. Àmì kan ni pé iye tó wọlé á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ owó tó wà nínú àkáǹtì kò ní sí níbẹ̀, tàbí kó má bá ohun tí ìyá ọlọ́jà mọ̀ mu. Ẹ̀rí tó dájú ni kó fúnra rẹ̀ tẹ nọ́ńbà báńkì rẹ̀ láti wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Bí iye náà kò bá tíì yí padà, kí gàrí dúró sórí igbá. Bákan náà ni fún ẹni tó bá pè pé òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n dá a padà: kó gba báńkì tirẹ̀ lọ.

Ohun tó máa jẹ́ kí gbogbo èyí yá ni kí nọ́ńbà báńkì, àti èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ láti ti àkáǹtì pa, wà nínú ìwé kékeré kan nílé. Kéèyàn lọ gbà á ní báńkì fúnra rẹ̀, kó má gbà á lẹ́nu ẹni tó pè.