Bí ẹ ṣe máa ká ìwé ìbò yín tí ejẹ́ǹtì ò fi ní rí i

Bí wọ́n bá ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ Ìrẹsà-Adú sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, orí bébà gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ BVAS bá ti dá yín mọ̀, ọ̀gá ibùdó ìdìbò máa lu sítáǹpù sẹ́yìn ìwé ìbò, á buwọ́ lù ú, á sì kọ déètì sí i. Ẹ yí bébà náà padà kí ẹ wò ó. Tí sítáǹpù àti ìbuwọ́lù ò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, torí wọn ò ní ka ìbò tí kò ní àmì wọn.

Tí ẹ bá wọ ibi ìkọ̀kọ̀, ẹ tẹ ìka bọ íǹkì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré sínú àpótí kékeré tó wà níwájú ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́. Íǹkì tó pọ̀ jù ló ń fa wàhálà. Ẹ má kọ orúkọ, ẹ má fa ìlà kankan: àmì tó bá fi ẹni tó dìbò hàn lè ba ìbò náà jẹ́.

Ibi kíká ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ṣe ni wọ́n to àwọn ẹgbẹ́ léra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá ká òkè bo ìsàlẹ̀, íǹkì tútù á lẹ̀ mọ́ àpótí ẹgbẹ́ mìíràn, ìbò yín á wá dà bíi pé ẹgbẹ́ méjì lẹ yàn. Òró ni kí ẹ ká a, apá ọ̀tún sórí apá òsì, kí ojú tí ẹ tẹ̀ wà nínú. Bí íǹkì bá tiẹ̀ ràn, orí ìlà ẹgbẹ́ yín náà ló máa ràn sí. Tó bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jù ú sápótí, ẹ lè dá a padà, wọ́n á fún yín ní òmíràn.

Àpótí ìbò máa ń mọ́ gaara, gbogbo èèyàn ló sì máa rí yín bí ẹ ṣe ń jù ú sí i. Kíká yẹn nìkan ló bo ohun tí ẹ tẹ̀.

Kí ló dé tí mo ń tẹnu mọ́ ọn? Ẹ rántí "dìbò kóo sebẹ̀" tó gbòde nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì lóṣù Keje 2018. Ẹni tó ń ra ìbò kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ̀rí ló ń fẹ́. Àwọn kan máa ń ṣí bébà wọn díẹ̀ kí ejẹ́ǹtì rí i, àwọn míì á fi fóònù yà á. Ìdí nìyẹn tí INEC fi kéde, kí ti Ọ̀ṣun tó wáyé lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, pé fóònù ò gbọdọ̀ wọ ibi ìtẹ̀ka mọ́. Tí kò bá sí ẹ̀rí, owó òǹrajà ìbò ti di tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Nílùú kékeré, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Láńlọ́ọ̀dù yín, ọ̀gá tó ń kọ́ yín níṣẹ́ àti ẹ̀gbọ́n bàbá yín lè jọ wà lórí ìlà kan náà. Wọ́n á ka ìbò síta níbẹ̀, wọ́n á sì lẹ èsì mọ́ ògiri. Gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta dìbò fún ẹgbẹ́ báyìí. Ta ni àwọn mẹ́ta náà? Kò sóhun tó máa sọ ọ́ lára ògiri yẹn.