Ìdí Tí Omi Dírípù Fi Ń Dín Kù Kó Tó Dé Òpin Ebè

Ẹni tó bá rìn yí oko ata ẹ̀ẹ̀rùn ká lẹ́yìn bí oṣù kan àbọ̀ tí wọ́n ti lọ́ irúgbìn lè rí ohun kan tó máa ń ba àgbẹ̀ lọ́kàn jẹ́. Àwọn ata tó wà nítòsí ìyá páìpù tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ti ń tanná. Bí èèyàn ṣe ń rìn lọ sí òpin ebè, bẹ́ẹ̀ ni ewé ń kéré sí i, tí igi ata náà sì ń tín-ín-rín. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ́ wọn, ajílẹ̀ kan náà ni wọ́n jẹ. Àgbẹ̀ kan á ní ilẹ̀ ọ̀hún ló ti ṣá, á tún da ajílẹ̀ sí i. Òmíràn á lọ ra ẹ̀rọ tó lágbára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, páìpù ló fa ọ̀ràn: wọ́n fà á gùn ju ohun tí inú rẹ̀ lè gbà lọ.

Páìpù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba orí ebè kọjá, tó ní ojú ìkán ní ìdí irúgbìn kọ̀ọ̀kan, ni à ń sọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní okùn dírípù. Ìyá páìpù ni èyí tó nípọn, tó ń pín omi fún gbogbo okùn. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò oko ni pé kí ojú ìkán àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn máa tú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dọ́gba pátápátá, nítorí náà àwọn onímọ̀ fi ààlà lé e: kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ìkán tó ń tú jù àti èyí tó ń tú kéré jù má ju bí ìdá 10 nínú 100 lọ.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà ni agbára tí omi fi ń ti ara rẹ̀. Mítà ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Táǹkì tí omi inú rẹ̀ fi mítà 10 ga ju oko lọ ń ti omi pẹ̀lú agbára mítà 10, èyí tí gééjì yóò kà sí nǹkan bíi báà 1. Àwọn tó ń ṣe ojú ìkán máa ń kọ ìbáṣepọ̀ agbára àti omi báyìí: q = k × H^x. Omi tó ń jáde ni q, agbára ni H, k sì ni nọ́ńbà tó jẹ́ ti ojú ìkán náà fúnra rẹ̀. Lẹ́tà x ló yẹ ká mójú tó. Nínú ọ̀pọ̀ ojú ìkán tó wọ́pọ̀ lọ́jà, x súnmọ́ 0.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí agbára bá di ìlọ́po 4, omi á di ìlọ́po 2 péré. Bákan náà, bí agbára bá fi ìdá 20 nínú 100 dín kù, omi á fi bí ìdá 10 dín kù. Ibí ni òfin ọwọ́ tí gbogbo oníṣẹ́ dírípù ń lò ti wá: ẹni tó bá fẹ́ kí omi má yàtọ̀ ju ìdá 10 lọ, kó má jẹ́ kí agbára yàtọ̀ ju ìdá 20 lọ.

Fún ojú ìkán tó ń lo agbára mítà 10, ìdá 20 yẹn jẹ́ mítà 2. Mítà 2 yìí ni gbogbo ohun tí a ní láti ná, kì í sì í ṣe okùn dírípù nìkan ló ń ná an. Bí omi ṣe ń gba inú ìyá páìpù lọ sí okùn tó jìnnà, agbára ń ṣòfò níbẹ̀ náà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìpín tó wọ́pọ̀ ni kí okùn gba bí ìdá 55 nínú 100, kí ìyá páìpù gba ìyókù. Nítorí náà, mítà 1.1 ló kan okùn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi oko ata kan ṣe àpẹẹrẹ. Gígùn ebè rẹ̀ jẹ́ mítà 100, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Okùn tí wọ́n ń pè ní mílímítà 16 ni àgbẹ̀ rà. Ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ ni 16 yẹn. Inú tí omi ń gbà fẹ̀ tó mílímítà 14. Ojú ìkán kan wà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30, kọ̀ọ̀kan sì ń tú lítà 1.6 ní wákàtí kan lábẹ́ agbára mítà 10. Ó di pé ojú ìkán 333 wà lórí okùn kan, tí wọ́n jọ ń gba nǹkan bíi lítà 533 ní wákàtí kan.

Bí gbogbo omi yẹn bá ní láti rìn dé òpin, agbára tó máa ṣòfò pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n omi inú okùn dà bí èrò inú bọ́ọ̀sì: ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ń bọ́ sílẹ̀, ẹrù sì ń fúyẹ́. J. E. Christiansen ní Kalifọ́níà ṣe ìṣirò irú èyí ní 1942 fún páìpù ìbomirin afọ́nká, a sì ń lo ọ̀nà rẹ̀ títí dòní. Tí ojú ìkán bá ti pọ̀, òfò inú okùn máa ń jẹ́ díẹ̀ ju ìdá mẹ́ta lọ́nà kan ohun tí ì bá jẹ́ ká ní gbogbo omi ló rìn dé òpin. Pẹ̀lú ìrànwọ́ yẹn náà, okùn mítà 100 wa ṣì ń pàdánù agbára mítà 3.7. Mítà 1.1 la yọ̀ǹda fún un.

Kí ojú ìkán tó lè máa tú lítà 1.6 ní ìpíndọ́gba, agbára tó wọ ẹnu okùn gbọ́dọ̀ tó bíi mítà 12.8, nígbà tó bá dé òpin, á ku mítà 9.1. Ojú ìkán àkọ́kọ́ á máa tú lítà 1.8, èyí tó kẹ́yìn á sì máa tú lítà 1.5. Ìyàtọ̀ ìdá 16 nìyẹn lórí okùn kan ṣoṣo, ká tó ka ti ìyá páìpù mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó lágbára sí i kò lè tún un ṣe, nítorí pé bí omi bá ṣe ń sáré tó ni òfò náà ń pọ̀ tó. Omi á pọ̀ níbi gbogbo, àmọ́ ìyàtọ̀ á ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Èkíní ni kí á ra okùn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn mílímítà 20, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 17.6, á dín òfò náà kù sí nǹkan bíi mítà 1.2. Inú páìpù fi mílímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ péré fẹ̀ sí i, òfò sì dín kù sí ìdá mẹ́ta. Síbẹ̀, mítà 1.2 ṣì ju mítà 1.1 lọ díẹ̀, owó okùn náà sì wọ́n jù.

Èkejì ni kí á dín gígùn kù. Àgbẹ̀ kò ní láti gé ebè rẹ̀. Kó gbé ìyá páìpù kúrò ní eteetí oko, kó gbé e gba àárín kọjá, kí okùn mílímítà 16 kan náà fi mítà 50 lọ sí ọ̀tún, kí òmíràn fi mítà 50 lọ sí òsì. Òfò orí okùn kọ̀ọ̀kan á já wálẹ̀ sí mítà 0.55. Gígùn dín kù sí ìdajì, òfò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdá méje lọ́nà kan, nítorí pé ọ̀nà tí omi ń rìn kúrú, omi tí okùn ń gbé náà sì di ìdajì. Iye okùn tí àgbẹ̀ rà kò yí padà. Ìdí nìyí tí ibi tí ìyá páìpù máa gbà fi yẹ kó jẹ́ ìpinnu àkọ́kọ́ lórí oko dírípù, kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í na owó lórí páìpù tó fẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá dagun, gíga ilẹ̀ náà á máa ná nínú mítà 1.1 wa. Ká ní ilẹ̀ yìí ń fi mítà 1 ga sókè nínú mítà 100. Okùn tó ń gòkè lọ ní mítà 50 á pàdánù 0.55 nítorí páìpù àti 0.5 nítorí òkè, àpapọ̀ 1.05. Ó ṣì bọ́ sínú ààlà, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ á jèrè 0.5 padà, agbára òpin rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnu rẹ̀. Bí gíga náà bá di mítà 2, okùn tó ń gòkè ti kọjá ààlà. Àgbẹ̀ á wá sún ìyá páìpù lọ sí apá òkè, bóyá kí mítà 30 máa gòkè, kí mítà 70 máa sọ̀kalẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó dagun jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí okùn máa dábùú òkè ló dára jù.

Àwọn tó gbé táǹkì sórí àga tó ga ní mítà 2 gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún gíga ilẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ojú ìkán wọn á máa tú nǹkan bíi lítà 0.7 ní wákàtí kan. Níwọ̀n bí omi tó ń sáré ti dín kù, òfò inú páìpù náà dín kù. Ṣùgbọ́n mítà 1.1 ti di sẹ̀ǹtímítà 22 péré, ilẹ̀ kò sì ní torí pé táǹkì kúrú kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òkè kékeré tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti jẹ sẹ̀ǹtímítà 22 yẹn tán.

Ojú ìkán kan tún wà tó ní rọ́bà kékeré nínú, tó ń dín ọ̀nà omi kù bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i. Lẹ́tà x tirẹ̀ súnmọ́ 0, nítorí náà okùn rẹ̀ lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ́n, ó sì ní agbára tó kéré jù tí kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lábẹ́ táǹkì mítà 2.

Lórí oko tí wọ́n ti tẹ́ okùn sí tẹ́lẹ̀, agolo, síríńjì àti aago tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mú okùn mẹ́rin: èyí àkọ́kọ́, èyí tó kẹ́yìn, àti méjì láàárín wọn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbé agolo sábẹ́ ojú ìkán mẹ́rin, láti ẹnu okùn dé òpin rẹ̀. Gba omi fún ìṣẹ́jú 6, kí o sì fi síríńjì wọn ọ́n. Ojú ìkán tó ń tú lítà 1.6 ní wákàtí kan gbọ́dọ̀ fún ọ ní mílílítà 160. Wá ìpíndọ́gba agolo mẹ́rin tí omi wọn kéré jù, pín in pẹ̀lú ìpíndọ́gba gbogbo agolo 16, kí o sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oko náà dára.

Bí kò bá tó, wo bí omi ṣe dín kù. Tó bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu okùn dé òpin, gígùn, fífẹ̀ inú páìpù tàbí gíga ilẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Tó bá jẹ́ pé ojú ìkán kan ń tú dáadáa, tí èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí ìkẹta sì tún ń tú, ìdọ̀tí ló dí wọn. Ẹni yẹn á fọ asẹ́ rẹ̀, á ṣí òpin okùn kí omi ẹlẹ́gbin jáde, kò sì ní nílò láti ra páìpù kankan.