Ìtọ́ni Tí Kì í Jẹ́ Kí Ẹ̀dá Ìdánimọ̀ Ọjà Yí Padà

Ẹ̀dá ìdánimọ̀ ọjà ni ẹranko, ènìyàn tàbí nǹkan mìíràn tí ilé iṣẹ́ máa ń yà sára ọjà rẹ̀ àti sínú ìpolówó rẹ̀, kí oníbàárà lè fi dá ọjà náà mọ̀ láti òkèèrè. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni ọkùnrin tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ táyà funfun tó to léra, tí ilé iṣẹ́ Michelin ti ń lò láti 1898. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lè dúró, ó lè jókòó, ó lè máa sáré, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni oníbàárà gbọ́dọ̀ máa rí. Nígbà tó jẹ́ pé ayàwòrán ló ń yà á, ọwọ́ ayàwòrán ló ń ṣọ́ èyí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ń yà á, ìtọ́ni tí a tẹ̀ fún ẹ̀rọ náà ló máa ṣọ́ ọ.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayàwòrán kì í rántí ohun tí wọ́n yà tẹ́lẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó dàrú, tí kò jọ ohunkóhun, wọ́n á sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí mu. Ohunkóhun tí ọ̀rọ̀ náà kò bá sọ, ẹ̀rọ á fi ohun tó bá wù ú dí i. Bí ìtọ́ni bá sọ pé “ìjàpá tó dé fìlà” nìkan, fìlà òní lè pupa, ti ọ̀la lè jẹ́ ti koríko, ti ọ̀tunla a sì di akẹtẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù ni kí a pín ìtọ́ni sí apá mẹ́ta. Apá kìíní ṣe àpèjúwe ẹ̀dá náà, apá kejì ṣe àpèjúwe ọjà, apá kẹta sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe nínú àwòrán yìí. Apá méjì àkọ́kọ́ kì í yí rárá: ńṣe la máa ń dà wọ́n kọ láti inú fáìlì kan, láìyọ lẹ́tà kan kúrò. Apá kẹta nìkan la ń pààrọ̀. Ẹni tó bá kọ “àwọ̀ ewé” lónìí tó sì kọ “àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀” lọ́la ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó ya ẹlòmíràn.

A lè fi ọlọ́jà kan tó ń ta èlùbọ́ nínú ọ̀rá ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ kí Ìjàpá máa bá òun polówó. Òun kò lè kọ “Ìjàpá inú àlọ́” kó sì retí pé ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí àwòrán Ìjàpá kan pàtó tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Ohun tí ojú rí ló gbọ́dọ̀ kọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́ jù, nítorí náà òun la máa ń tẹ̀ fún wọn:

```
Cartoon tortoise standing on two legs, olive-green skin,
round brown shell with one cream stripe around the rim,
pale yellow belly, round black eyes, indigo cloth cap
with two pointed flaps hanging over the cheeks,
bare feet, thick dark outline, flat colours.
```

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fìlà tí a ṣàpèjúwe níbẹ̀ ni abetí ajá, ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ lè má mọ̀ ọ́n, ó sì lè rí “ajá” nínú rẹ̀ kó fi etí ajá gidi sórí ìjàpá. Ohun tí a kọ ni aṣọ aró tí etí rẹ̀ méjèèjì ṣonṣo, tó sì já sílẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá ní àmì kan ṣoṣo, ìlà tó yí etí rẹ̀ po. Ìyẹn sàn ju kí a ní kó ní ìpín méje lọ, nítorí ẹ̀rọ ayàwòrán kò mọ nǹkan kà dáadáa: méje lónìí lè di mẹ́sàn-án lọ́la. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe yà á, ìyẹn ìlà dúdú tó nípọn àti àwọ̀ tí kò ní òjìji, náà wà nínú apá tí kì í yí. Bí a bá fò ó, àwòrán kan lè jáde bíi fọ́tò, èkejì á dà bíi ti ìwé ọmọdé.

A ó ṣàkíyèsí pé ìtọ́ni náà sọ pé ẹsẹ̀ lásán ni ìjàpá wà, kò sọ pé kò wọ bàtà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í gbọ́ “kò” dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí “bàtà”, wọ́n lè yà á, ohun yòówù kí ó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ rí la máa ń kọ, kì í ṣe ohun tí a kò fẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan ní àyè ọ̀tọ̀ fún ohun tí a kò fẹ́: ní Midjourney, `--no shoes` la máa ń tẹ̀ sí ìparí.

Gígùn pẹ̀lú ní ààlà. Ìpín ọ̀rọ̀ 77 péré ni apá tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú Stable Diffusion ti ìbẹ̀rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ gígùn kan sì lè tó ìpín méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ lè má dé etí ẹ̀rọ. Àwọn tuntun ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ohun ìdánimọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà rọrùn fún wọn láti pa mọ́ ju ogún lọ.

Apá kejì ni ọjà:

```
On the viewer's right, a plain cream stand-up pouch
with a wide blank brown band across the middle.
The pouch reaches the tortoise's chest.
```

Ohun mẹ́ta ló wà níbí. Èkíní ni ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀rá wà. “Apá ọ̀tún” nìkan kò tó, nítorí ọ̀tún ìjàpá tó kọjú sí wa ni òsì wa. Èkejì ni gíga. Bí a kò bá fi ọjà wọn ẹ̀dá náà, ọ̀rá èlùbọ́ lè kéré bíi páálí ìṣáná nínú àwòrán kan, kó sì ga ju ìjàpá lọ nínú èkejì. Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì tí a fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí. Àwọn ẹ̀rọ máa ń ṣi lẹ́tà kọ, àmì ohùn Yorùbá sì tún le fún wọn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. “Èlùbọ́” lè jáde láìní àmì kankan, tàbí kí àmì bọ́ sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó dájú ni kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ọ̀rá lásán, kí a sì fi ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe lẹ ìwé ìdánimọ̀ ọjà gan-an mọ́ ọn lẹ́yìn náà.

Apá kẹta ló ń sọ ìdúró. Ibí ni ẹ̀dá náà ti máa ń sá mọ́ni lọ́wọ́ jù lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára máa ń fa nǹkan mìíràn wọlé. Bí a bá ní kí ìjàpá máa ro àmàlà, aṣọ ìdáná àti fìlà funfun alásè lè tẹ̀ lé e, abetí ajá a sì lọ. Bí a bá ní kí inú rẹ̀ dùn gan-an, ojú rẹ̀ roboto lè di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ara ń ṣe ló yẹ kí a kọ:

```
Facing the viewer, right arm raised with open palm,
left hand resting on top of the pouch.

Sitting on the ground, legs straight out,
one shoulder leaning against the pouch.

Side view, facing the pouch, bent forward,
both hands on its knees.
```

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí la máa ń lò lẹ́ẹ̀kan. Fún ti ìjókòó, a ó fi ọ̀rọ̀ náà rọ́pò “standing on two legs” nínú apá kìíní, nítorí ẹ̀rọ tí a ní kó ya ẹni tó dúró tó tún jókòó lè ya ìjàpá méjì. Irú ìtakora bẹ́ẹ̀ máa ń fara pamọ́ síbòmíràn: bí ọ̀rá bá ga tó ìjàpá, ọwọ́ rẹ̀ kò lè sinmi lórí rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ẹ̀rọ a sì na apá náà tàbí kó dín ọ̀rá kù.

Ọ̀rọ̀ nìkan kì í mú ẹ̀dá náà bá ara mu tán. Ó máa ń mú kó jọ ara rẹ̀, bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń jọra. Láti mú un di ẹnìkan náà, a gbọ́dọ̀ fi àwòrán kún ọ̀rọ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a ní kí ẹ̀rọ ya ìjàpá náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn nínú àwòrán kan, kí a sì yan èyí tó dára jù ní ìpilẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, àwòrán ìpilẹ̀ yìí la ó máa fún ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́ni. Ní ẹ̀dà keje Midjourney, `--oref` ló ń gba àwòrán náà, `--ow` sì ń sọ bó ṣe lágbára tó. 100 ni ó máa ń jẹ́ bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Bí nọ́ńbà náà bá kéré jù, ìjàpá á yí. Bó bá pọ̀ jù, ó lè máa di ìdúró àtijọ́ mú, kó kọ̀ láti jókòó.

Nínú Gemini tàbí ChatGPT, a lè fi àwòrán ìpilẹ̀ sí i, ká sì ní kó yí apá nìkan, kó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí a máa fi àwòrán tó jáde kẹ́yìn ṣe ti tẹ̀ lé e. Bó ṣe rí nígbà tí a bá fi ẹ̀dà fọ́tókọ́pì ṣe fọ́tókọ́pì mìíràn, àṣìṣe kékeré á máa kún ara wọn: ìlà igbá á fẹ̀ díẹ̀, aró fìlà á ṣí díẹ̀. Àwòrán ìpilẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa padà sí nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ tún gbẹ́kẹ̀ lé `--seed`, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ irú àmì wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó wúlò bí ìtọ́ni kò bá yí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìdúró bá ti yí, nọ́ńbà kan náà lè bí ìjàpá mìíràn.

Àyẹ̀wò kò ṣeé fi ojú inú ṣe. A ó to gbogbo àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó sì mú apá kìíní ìtọ́ni, ká máa kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí àwòrán kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ara, ìlà igbá, ikùn, ojú, fìlà, ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wo gíga ọ̀rá. Bí nǹkan kan bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a lè tún àwòrán náà ṣe. Bó bá ń ṣẹ̀ léraléra, ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ló ní àléébù, òun nìkan la ó sì yí, ká lè mọ̀ bóyá òun ló fà á. Ìlà igbá tó ń sọnù nínú àwòrán ẹ̀gbẹ́, fún àpẹẹrẹ, lè nílò kí a sọ ọ́ di “thick cream stripe”. Nígbà náà, apá kìíní ti yí, a ó yí i nínú fáìlì, gbogbo àwòrán tó kù a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán lè lọ síwájú sí i. Ó lè kó àwòrán bíi ogún tí ó ti yẹ̀ wò, kó fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní LoRA, ìyẹn àfikún kékeré tí a máa ń so mọ́ ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion. Ẹ̀rọ á wá mọ ìjàpá náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ìlà igbá bá yàtọ̀ nínú àwòrán méjì nínú ogún yẹn, ìyàtọ̀ náà ni ẹ̀rọ máa kọ́ pẹ̀lú. Fún àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọlọ́jà èlùbọ́ nílò, ìtọ́ni alápá mẹ́ta, àwòrán ìpilẹ̀ kan àti ayàwòrán tó máa tún ohun kékeré tó bá ṣẹ̀ ṣe ti tó.